Má Kàn Kọ Pé "Mo Gbẹ́kẹ̀ Lé E"

Ká ní ìyá aláta kan wà ní Mile 12, tó fi owó tòmátì àti tàtàṣé kọ́ ilé kan sí Ketu. Ọmọ mẹ́ta ló bí, wọn ò sì tíì dàgbà. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan tí gbogbo ẹbí mọ̀ sí olóòótọ́. Ó kọ ìwé ìhágún, ó ní: "Mo fi ilé mi ní Ketu sílẹ̀ fún àbúrò mi, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò ṣe ohun tó tọ́ fún àwọn ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ bí ìyá yìí bá kú, ó ṣeé ṣe dáadáa kí adájọ́ sọ pé àbúrò ló ni ilé, kí àwọn ọmọ má sì rí nǹkan kan gbà lábẹ́ ìwé náà.

Irú rẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Smith, fi gbogbo dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní ó dá òun lójú pé yóò ṣe ohun tó tọ́ láàárín àwọn ọmọ. Ní 1884, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìyàwó ló ni dúkìá náà tán pátápátá. Ìrètí ni ọkọ sọ, kò pàṣẹ. Òfin tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ fífi dúkìá sí ìkáwọ́ ẹnì kan nítorí ẹlòmíràn.

Ní 1840, nínú ẹjọ́ ìdílé Knight, adájọ́ Langdale là á yéni pé nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ dájú: àṣẹ tó di ẹrù lé alágbàtọ́ lórí, dúkìá tí à ń sọ, àti àwọn tí yóò jẹ ànfààní rẹ̀. Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ òfin kankan wà nínú ìwé. Ohun tí adájọ́ ń wá ni bóyá ẹni tó gba dúkìá lè sọ pé "mi ò ṣe é" láìjẹ̀bi. "Mo rọ̀ ọ́", "mo mọ̀ pé o ò ní já mi kulẹ̀", "jọ̀wọ́ rántí àwọn ọmọ": gbogbo wọn fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. "Kí ó máa gba owó ilé, kí ó sì fi san owó ilé ìwé wọn" kò fi àyè sílẹ̀.

Ti dúkìá ńkọ́? Bí ìyá wa bá ní ilé mẹ́ta ní Ikosi, tó wá kọ "ọ̀kan nínú àwọn ilé mi" láìsọ èwo tàbí ẹni tí yóò yàn án, ta ni yóò mọ èyí tó ní lọ́kàn? Èyí tó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù ni "ohun tó bá ṣẹ́ kù". Ní 1789, obìnrin kan fi £300 sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ní kí àwọn ẹbí òun pín ohun tí ọkọ náà kò bá nílò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye tí yóò ṣẹ́ kù, nítorí náà ọkọ ló kó gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìpín tìrẹ nìkan kò sọ ọ́ di ẹni tó lè fi gbogbo ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àìdájú ẹni tí yóò jẹ ànfààní ní tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ìyá bá kọ pé kí àbúrò fi owó òun ṣe oore fún "ẹni tó bá yẹ" ní ọjà Mile 12, àṣẹ wà, owó wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sílé ẹjọ́ pé òun ni ẹni tó yẹ? Irú ẹ̀ ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Durham ní 1805, tí wọ́n fi dúkìá lé lọ́wọ́ kí ó fi ṣe inúrere bó bá ti wù ú. Wọ́n ní kò lè dúró. Bíṣọ́ọ̀bù kò rí i mú lọ sílé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí olóògbé ló padà sí. Ìtọ́jú tálákà, ilé ìwé, tàbí ẹ̀sìn ìbá ti yè, nítorí òfin fi ojú àánú wo ìyẹn.

Ibi tó yẹ ká ti fura nìyí: bí àṣẹ ni kò dájú, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín; bí àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ni kò dájú, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ ẹbí olóògbé ló padà sí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí ilé kúrò lọ́wọ́ ọmọ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò.

Bí mo bá jẹ́ ìyá aláta yẹn, ohun tí n ó kọ nìyí: "Mo fi ilé mi, tí mo kọ ojúlé rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé sọ́fè rẹ̀ síhìn-ín, sí ìkáwọ́ àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ. Kí wọ́n máa gba owó ilé, kí wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ mi mẹ́ta tí mo dárúkọ wọn, kí wọ́n sì kó ilé náà lé wọn lọ́wọ́ dọ́gbadọ́gba nígbà tí èyí tó kéré jù bá pé ọmọ ọdún 21." Lẹ́yìn náà, n ó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò ní ìpín kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ketu, Ikosi àti Mile 12, bí ẹ bá ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gbé e jáde, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí "mo gbẹ́kẹ̀ lé" níbi tí "kí ó" yẹ kó wà, ẹ mú un lọ bá agbẹjọ́rò nígbà tí ẹ ṣì lè sọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn fúnra yín.