Ìkíni fún Ọ̀rẹ́ Tí A Gbé Ga Lẹ́nu Iṣẹ́

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìròyìn kàn wá pé a ti fi ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ kan ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama. Àwa àti ẹni yìí ti jọ sùn lórí ẹní kan nígbà tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, a sì ti jọ mu gààrí láìsí ṣúgà. Inú wa dùn jọjọ. A mú kálàmù ní ọjọ́ náà gan-an, a sì kọ̀wé sí i báyìí pé:

“Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n, inú wa dùn púpọ̀ láti gbọ́ ìròyìn ìgbéga yín. Ipò náà tọ́ sí yín, ó sì yẹ yín. Àdúrà wa ni pé kí ẹ tún gòkè jù báyìí lọ. Ẹ kú oríire.”

Èsì tí ó fọ̀ sí wa kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: “A dúpẹ́.” Nígbà tí ó tó oṣù méjì, ó wá kí wa nílé. A jẹun tán, wọ́n ń palẹ̀ àwo mọ́, ni ó bi wá léèrè pé, “Láti ìgbà wo ni èmi àti ìwọ ti di ẹ̀yin?”

Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí a sùn bọ̀rọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ọ̀wọ̀ ni a rò pé a ń bù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga ń rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn tí wọ́n ti ń bá a ṣeré nínú yàrá olùkọ́ a dìde dúró bí ó bá wọlé. Ẹni tí ń pe orúkọ rẹ̀ ní àná a máa pè é ní ọ̀gá lónìí. Ẹ̀rín a sì dákẹ́ bí ó bá ti ń bọ̀. Ọ̀wọ̀ kò wọ́n ọn nígbà náà rárá. Ohun tí ó wọ́n ọn ni ẹnì kan tí yóò ṣì máa pè é bí ó ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwa tí à bá jẹ́ ẹni náà, àwa náà ti bọ́ sínú ọ̀wọ́ àwọn tí ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni lọ pe ọ̀gá àgbà ní orúkọ ìnagijẹ ìgbà èwe rẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé rẹ̀. Ìwà ọmọ àlè ni. Lójú àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, “ẹ̀yin” àti oyè rẹ̀ ni ó tọ́, ìbáà jẹ́ pé ọ̀kan náà ni a jọ ń mu ọmú. Bí ó bá sì jẹ́ pé “ẹ̀yin” ni a ti ń pè é láti ìpìlẹ̀ nítorí pé ó jù wá lọ, kí “ẹ̀yin” dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí òun nìkan yóò kà, ohun tí a ń pè é kí ipò tó dé ni kí a máa pè é lọ.

Àléébù kejì ni pé ìwé wa kò ní ojú. Bí a bá fi ìka bo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, a lè fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí alábòójútó ilé ìfowópamọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ni. Àwọn bàbá wa kò kí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Arókin kì í fi oríkì ìdílé kan ki ìdílé mìíràn. Bí ó bá ṣe é, wọn a rẹ́rìn-ín lé e lórí. Ìyìn tí ó bá yẹ gbogbo ènìyàn kò tíì kan ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ “kú oríire” pàápàá ní ibi tí ó mọ. Orí ni ó dá lé: orí ire ni ó ṣe é. Ó bá ẹni tí ó rí he mu, ṣùgbọ́n ìgbéga kì í ṣe ohun tí a rí he. Nínú ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wà láàárín ipele 7 sí 14 gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 lórí ipele kan kí a tó lè yẹ̀ ẹ́ wò fún òmíràn, àyè sì lè má ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ti làágùn báyìí, bí a bá sọ fún un pé orí rẹ̀ ni ó bá a ṣe é, tí a kò sì fi “kú iṣẹ́” ṣáájú, a ti já ìdajì òótọ́ sílẹ̀.

A wá jókòó, a tún ìwé náà kọ bí ì bá ti rí:

“Àjàní, wọ́n sọ fún mi lánàá pé ìwọ ni ọ̀gá àgbà. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ọdún tí olùkọ́ kẹ́mísírì fi yín sílẹ̀, tí ìwọ olùkọ́ ìṣirò fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí o sì ń wá yá ìwé lọ́wọ́ mi ní alaalẹ́. Ọdún náà ni orúkọ rẹ kò jáde, o kò sì pa kíláàsì jẹ ní ọjọ́ kan. Kú iṣẹ́, kú ìfaradà, kí n tó wí pé kú oríire. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́ láti fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Má ṣe wàhálà oúnjẹ, èmi ni n ó gbé iṣu wá.”

Ìrántí kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. A ní mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn jọ, ìwé náà a dàbí ẹ̀rí tí a ń jẹ́ fún ẹni tí ń wáṣẹ́. A mẹ́nu kan ọdún tí orúkọ rẹ̀ kò jáde nítorí pé àwa nìkan ni ó sọ ọ́ fún. Níbi àpèjẹ, a kò gbọdọ̀ fẹnu bà á. A kò sì kọ “ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n tó rántí rẹ.” Ọ̀rọ̀ náà dàbí ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọjọ́ ayọ̀ di ọjọ́ ẹjọ́. Ohun tí ó ṣe nígbà tí ó ń dúró ni kí a sọ, kí a fi gígùn ìdúró náà sílẹ̀. Níti kíláàsì tí ó ń fi sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í rántí pé ìgbéga a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀rẹ́ tí ó bá rí i tẹ́lẹ̀ ni ó mọ ẹni tí òun ń kí.

Ohun kan tún kù tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní àkókò náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń wá àyè sí ilé-ìwé náà gan-an, díẹ̀ ni ó kù kí a fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé. A dúpẹ́ pé a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wọlé tọ ọ̀gá tuntun ní ojoojúmọ́, ó sì ti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni kí òun kọ́kọ́ wò. Kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀bẹ̀ dúró di ọjọ́ mìíràn, kí ó sì wá fún ẹ̀bẹ̀ nìkan.

Ní ọdún tí ó kọjá, a fi ìwé kejì yìí hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sínú àpò agbádá rẹ̀, ó wá wò wá lójú, ó ní, “Iṣu náà dà?”