Kì í Ṣe Ìkíni Ló Ń Mú Àtẹ̀jíṣẹ́ Gùn

Ẹgbẹ́ méjì la fẹ́ bá jà níhìn-ín. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni àwọn tó ní àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú sí ọ̀rẹ́ ẹni jẹ́ ìwà òyìnbó, pé ọmọ Yorùbá gidi gbọ́dọ̀ kí yíká ilé kó tó sọ ohun tó bá wá. Ẹgbẹ́ kejì ni àwa fúnra wa, àwa tí a ń kọ sọ́fútíwià ní Adó-Èkìtì, tí ibi iṣẹ́ ti kọ́ wa pé ká má kíra mọ́: "Má kàn kọ 'báwo ni' kó o wá dákẹ́. Béèrè ohun tó o fẹ́." Òfin yẹn dáa níbi iṣẹ́, torí ẹni tó kí ọ tó sì dákẹ́ ti dá ọ dúró lásán. Ṣùgbọ́n a gbé e délé, a gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ wa, ó sì ba nǹkan jẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ gbà ni pé ìkíni ló ń mú ọ̀rọ̀ gùn. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ìyá rẹ̀ ní ojú tó ń ṣú, wọ́n sì ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn. Wọ́n á gba màmá wọlé ní Ọjọ́rú, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀. Òun kò lè kúrò ní Adó títí di òru Ọjọ́rú, àbúrò rẹ̀ sì ń ṣe ìdánwò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ kan ń gbé ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà Ìwòròkó, kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀rẹ́ yìí kì í wá jẹ iyán nílé màmá ní Baṣírí. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Oníyán. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹnìkejì wa yìí jókòó, ó kọ èyí sí i lórí Wọ́sáàpù:

"Oníyán, báwo ni o? Ó ti pẹ́ gan-an, mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni, má bínú, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn, o sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ó yẹ kí n ti pè ọ́ nígbà ọdún Àjíǹde, mo kàn ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Màmá wà o, ojú ló kàn ń yọ wọ́n lẹ́nu, a ti lo oògùn títí, dókítà ibí ní ká lọ sí Ìbàdàn, a lọ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ máa ń dí. Àbúrò mi ló yẹ kó dúró tì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní ìdánwò, èmi náà ò lè dé títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú ni wọ́n sì máa gbà wọ́n wọlé, torí náà mo ní bóyá, tó bá rọrùn fún ọ o, tí kò bá rọrùn kò sí wàhálà, bóyá o lè yà síbẹ̀. Bá mi kí ìyàwó."

Oníyán rí i lójú fóònù rẹ̀ láìṣí i. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni "báwo ni o, ó ti pẹ́ gan-an". Ó ní àlàyé ọ̀rẹ́ ni, kí òun fi sílẹ̀ di òpin ọ̀sẹ̀, kí òun lè fara balẹ̀ dá a lóhùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó ṣí i. Màmá ti dá sùn lálẹ́ Ọjọ́rú. Obìnrin kan tó ń tọ́jú aláìsàn mìíràn ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbẹ́. Oníyán pe ẹnìkejì wa, inú ń bí i: "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Òun náà fèsì pé òun sọ. Àwọn méjèèjì jàre ara wọn, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí ìkíni wà nínú rẹ̀. "Báwo ni o", "ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́", "bá mi kí ìyàwó". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó gba àyè ni ìtìjú. Ó tọrọ àforíjì pé òun ò pè, ó ro ẹjọ́ iṣẹ́, ó ro ẹjọ́ iná, ó tún tọrọ àforíjì ṣáájú kó tó béèrè nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ìtàn ojú màmá láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí Oníyán kò nílò kó tó lè sọ bóyá òun á wá tàbí òun ò ní wá. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀bẹ̀ gan-an kò sí nínú lẹ́tà náà! "Bóyá o lè yà síbẹ̀." Ẹni tó yà síbì kan lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì lọ. Sísùn ló fẹ́ kó wá sùn. Ká ní Oníyán ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ó lè ra ọsàn lọ kí màmá ní ìrọ̀lẹ́, kó sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Ojú kan ni wọ́n ṣe nígbà yẹn. Nígbà tí àkókò ojú kejì tó, a jókòó ti ọ̀rẹ́ wa nínú ọ́fíìsì láti kọ èyí tó máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbóná jù nínú wa kọ ọ́ báyìí: "Mo nílò ẹni tó máa sùn ti ìyá mi lọ́sibítù ní Ìbàdàn lálẹ́ Ọjọ́rú. Ṣé o wà? Fèsì kíákíá." Ó yéni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ yọ Oníyán kúrò, ẹ fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ tàbí ẹni tó ń tajà ní ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ máa yí padà. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ó ti kú. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìyí nǹkan kan kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ ẹni.

Èyí tó lọ nìyí:

"Oníyán, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Bá mi sùn ti Màmá lọ́sibítù n'Ìbàdàn lálẹ́ Ọjọ́rú yìí. Ojú kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe. Èmi á ti dé ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ṣì ń bèèrè ẹni tó máa ń jẹ àjẹkù iyán wọn. Tí kò bá ní ṣeé ṣe, sọ fún mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí n wá ẹlòmíì. Màá pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ká gbọ́ ti ilé."

Bí a ṣe débẹ̀ kò ṣòro. A wá ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí Oníyán ṣe. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ìparí ló wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí, torí ẹni tó ń tijú máa ń rìn yíká kó tó dé ibẹ̀. A fi "sùn" rọ́pò "yà", a sì gbé e lọ sẹ́yìn ìkíni gan-an, kó lè hàn lójú fóònù láìṣí i. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ èyí dáadáa: ẹni tó bá tẹ `git log --oneline`, ìlà kìn-ín-ní nìkan ló máa rí nínú àlàyé tí a kọ sí iṣẹ́ wa, ohun yòówù kó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, a bi ara wa lórí gbolóhùn kọ̀ọ̀kan tó kù: ṣé Oníyán nílò èyí kó tó lè dáhùn? Ìtàn oògùn lọ. Iná lọ. Ọdún Àjíǹde lọ.

Ìkíni kò lọ. "O kú ọjọ́ mẹ́ta" ló ṣe iṣẹ́ gbogbo àforíjì yẹn. Ó gbà pé ó ti pẹ́, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó sì ti parí kí ojú tó ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni "kú" ṣe máa ń rí: "kú ọ̀nà", "kú ìnáwó", "kú ojú lọ́nà". Ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ pé mo mọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ. Ẹni tó gé e kúrò kó lè yára kò mọ ohun tó ń gé. Ẹ tún wo "bá mi". "Ṣé o lè sùn" ń bèèrè agbára rẹ̀. "Bá mi sùn ti Màmá" ń sọ pé iṣẹ́ àwa méjèèjì ni. Àjẹkù iyán ní tirẹ̀ kò wúlò fún ìdáhùn rárá, òun nìkan la sì dìídì fi sílẹ̀ lòdì sí òfin wa. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò lè bá ẹlòmíràn lọ. Tó bá di mẹ́ta, àlàyé ti padà dé nìyẹn. Ní ti "tí kò bá ní ṣeé ṣe", kì í ṣe bíi "tí kò bá rọrùn kò sí wàhálà" ti àkọ́kọ́. Wàhálà wà. Èyí fún un láyè láti kọ̀, ó sì sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ kọ̀ dà.

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní á ní àṣà wa kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n rántí àrokò. Míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, Gọ́lmà, tó dé Bàdágìrì ní 1845, to oríṣiríṣi àrokò Yorùbá jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Owó ẹyọ mẹ́fà wà níbẹ̀: ẹẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó gbà á lè fi mẹ́jọ dáhùn: ẹẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ìfẹ́ lọ, ìfẹ́ bọ̀, owó ẹyọ mẹ́rìnlá péré ni. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ẹni méjèèjì mọ ohun kan náà. Àjẹkù iyán ni owó ẹyọ tiwa.

Ìkúrú kan wà tí a kò fara mọ́ o, èyí tí wọ́n fi ń gé lẹ́tà dípò kí wọ́n gé èrò. A mọ ibi tó ti wá. SMS kan ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àwọn lẹ́tà tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan péré sí i, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á di èyí tó ń gba 70. Ìyà ni fún èdè wa, owó sì ni. Síbẹ̀, ẹni tó kọ "bmi sun ti mama ojoru" kò tíì dín nǹkan kan kù. Iṣẹ́ ìtúmọ̀ ló gbé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

A ò sì sọ pé kí ẹ fi ìlà márùn-ún túfọ̀ fún ọ̀rẹ́ yín, tàbí kí ẹ fi parí ìjà. Nígbà tí Oníyán àti ẹnìkejì wa jà lórí alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó parí rẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ bá a ní Ìbàdàn.

Ìdáhùn sí lẹ́tà ojú kejì dé kí a tó dìde nídìí tábìlì: "Mo ń bọ̀. Ẹní tèmi ni màá gbé wá. Tí ojú bá ti là tán, kí wọ́n gún iyán."