Ìbéèrè Kan Ní Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, tí àwọn ọmọ yín ti ń gbọ́mọ pọ̀n. Ìjà kò sí nínú ilé yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti baálé yín bá ara yín sọ láti àárọ̀ di alẹ́, bóyá ni yóò ju mẹ́rin lọ: oúnjẹ ti délẹ̀, owó iná ti tán, ọmọ ní kí a kí yín, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn.

Ìkórìíra kọ́ ni ó fa èyí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé òun ti mọ èkejì tán ni. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n fi tọkọtaya 24 ṣe. Wọ́n mú kí wọ́n jókòó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, kí ẹnì kan sọ gbólóhùn tí ó lè ní ìtumọ̀ púpọ̀, kí àwọn tí ó ń gbọ́ sọ èyí tí ó ní lọ́kàn. Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn yé olùgbọ́ ju bí ó ti yé e lọ, ọkọ tàbí aya ẹni ni wọ́n sì ṣi èrò yìí sí jù, wọn kò ṣì í tó bẹ́ẹ̀ sí àlejò.

Ẹ wá wo Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ó wà nínú Hádíìsì Bùhárì pé ó sọ fún ìyá wa Àíṣà pé òun máa ń mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn sí òun àti ìgbà tí ó ń bínú. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Olúwa Mùhámmádù ni yóò fi búra. Bí ó bá ń bínú, a di Olúwa Ìbúráhímù. Àíṣà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní orúkọ nìkan ni òun ń fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ń fetí sílẹ̀ ni ó lè gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Iṣáì dára. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì. Kí ẹnì kan béèrè ohun kan ṣoṣo tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀ ní tòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kí èkejì béèrè tirẹ̀. A kì í sọ ti owó àti ti ọmọ ní alẹ́ náà. Bí ìdáhùn bá wá, ẹ má ṣe yára fi tiyín lé e. Inú ohun tí ó sọ ni kí ẹ ti fa ìbéèrè kejì yọ, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ tí ó ń ta àdìrẹ, tí wọ́n ti gbé pọ̀ fún ọdún 27. Ìyàwó béèrè pé, “Bàbá Ìbejì, nínú gbogbo àga tí ẹ ti kàn, èwo ni ẹ kò bá má tà?” Ọkọ ní, “Ta ní ń rántí ìyẹn?” Ìyàwó kò bínú, ó dákẹ́, ó dúró. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ ni ọkọ wá ní àpótí kékeré kan ni, èyí tí òun kọ́kọ́ kàn, tí òun tà láti fi kún owó àgbò ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì. Ìyàwó kò gbọ́ èyí rí. Ó ní, “Báwo ni ó ṣe rí?” Ni ọkọ bá mú pẹ́ńsù, ó yà á fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì ọkọ béèrè pé, “Ìyá Ìbejì, kí ni o ti sú ọ láti wọ̀?” Ó ní, “Aṣọ aláró. Òun ni mo ń tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo Iléyá ni ọkọ ń ra aṣọ aláró fún un, tí ó rò pé òun ń ṣe é lóore!

Ẹ ṣọ́ra o. “Níbo ni ẹ lọ lánàá?” kì í ṣe ìbéèrè; ẹjọ́ ni. Èyí tí a lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” dáhùn kì í sì í rìn jìnnà. Bí ẹ bá rí i pé ọkọ ń wo aago, tàbí tí ó ń dáhùn bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́, ẹ fi tọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun ni ó béèrè ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ń bọ̀. Ní ilé olórogún, alẹ́ ẹni ni kí oníkálukú fi ṣe tirẹ̀, ohun tí ọkọ bá sì sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé yàrá kejì. Ilé tí lílù tàbí ìbẹ̀rù bá wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ tètè fi tó àwọn àgbà ẹbí létí, kí ẹ sì wá ibi ààbò.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní kéwú àti ohun tí ó máa ń ṣe bí ọmọdé bá sùn nídìí wàláà.