Ọwọ́ Kan, Àwọ̀ Méjì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, níbi àpéjọ àárọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè bọ́ síwájú. Kò mú ìwé dání. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ na ọwọ́ ọ̀tún wọn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì yí i padà wo àtẹ́lẹwọ́. Ó wá bi wọ́n léèrè pé: "Nínú àwọ̀ méjèèjì yìí, èwo ni ó gbọ́n jù? Èwo ni ọmọlúwàbí?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń múra ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, wọ́n yan àwọn ọmọbìnrin tí yóò kí àwọn àlejò káàbọ̀. Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú wọn nítorí pé ó "dúdú jù". Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpara kan lọ́jà, tí ojú rẹ̀ sì ń bó.

Olùkọ́ náà ṣàlàyé pé mẹ́lánìnì ni ohun tí ń fún awọ ara ní àwọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe é wà lára gbogbo ènìyàn. Bí a bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni dúdú wé ti òyìnbó, iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí mẹ́lánìnì tí wọ́n ń ṣe ti pọ̀ tó, àti bí àwọn àpò kéékèèké tí ó wà nínú rẹ̀ ti tóbi tó. Ní àtẹ́lẹwọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀ tó ti ẹ̀yìn ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni kan náà fi ní àwọ̀ méjì.

Iṣẹ́ mẹ́lánìnì ni láti dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́. Níbi tí oòrùn ti mú, ó ń dáàbò bo fólétì, èròjà inú oúnjẹ tí ọmọ inú oyún nílò. Níbi tí oòrùn kò ti tó, awọ tí ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ máa ń tètè rí ìtànṣán tí ara fi ń ṣe fítámìn D. Àwọ̀ ń sọ nípa oòrùn tí ó ran àwọn baba ńlá ẹni. Kò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ tàbí ìwà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ìdí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ìyá kan baba kan, fi lè jẹ́ pé ọ̀kan dúdú, èkejì pupa. Èsì rẹ̀ ni pé jíìnì tí ń pín àwọ̀ pọ̀, olúkúlùkù wọn ń ṣe díẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń mú ìpín tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti baba. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tí Sarah Tishkoff jẹ́ aṣáájú wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn Ẹtiópíà, Tànsáníà àti Bòtswánà. Wọ́n rí i pé jíìnì tí ń mú awọ dúdú àti èyí tí ń mú un pupa ti wà ní Áfíríkà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tí ó bá ń pe pupa ní ti òyìnbó, kò mọ ilé baba rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó ti ka āyah 22 nínú Sūratu Rūm sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ àwọ̀ wà lára àwọn àmì Ọlọ́run.

Lórí ìpara ni olùkọ́ náà pẹ́ sí jù. Mákúrì wà nínú òmíràn nínú wọn. Ó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ó má ṣe mẹ́lánìnì mọ́. Ṣùgbọ́n kì í dúró sójú awọ: ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ara ọmọ inú oyún. Ní ọdún 1972, àwọn dókítà ní Nàírobì kọ ìwé nípa àwọn aláìsàn kíndìnrín tí ara wọn wú, tí púpọ̀ nínú wọn ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀. Àdéhùn Mìnàmátà ti ọdún 2013, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, fòfin de èyí tí mákúrì inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùtajà kì í kọ ọ́ sára ike. Ó yẹ kí a fura bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìpara má ṣe kan wúrà, fàdákà tàbí ohun ọ̀ṣọ́, nítorí mákúrì máa ń bà wọ́n jẹ́. Ìpara haidirokuínónì náà, bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú tí ó jọ aró, èyí tí ó ṣòro láti wò.

Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni olùkọ́ náà bá sọ ọ́, àwọn ọmọ kọ́ ni wọ́n ṣe àkójọ orúkọ náà. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n sì dúró lẹ́yìn ìlà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́. Títí di ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dá orúkọ ọmọ náà padà.