"Kò Tíì Ju Ti Òfin Lọ": Ọ̀rọ̀ Tó Ń Pa Wá Lójú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí a ò fẹ́ dákẹ́ sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni: "Díẹ̀ ni mo mu, kò tíì ju ti òfin lọ." A ń gbọ́ ọ níbi òkú, a ń gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó àti ìkómọ. Ẹni tó bá ń sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀mùtí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ là ń bá wí lónìí. Ìyẹn, gbogbo ayé ló ń bá a wí, wọn a sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni iyì là ń bá wí, ẹni tó mu ìgò kan tàbí ìgò kan àbọ̀, tó dúró ṣánṣán, tó kí àwọn àgbà pé ó dàárọ̀, tó wọ ọkọ̀ tàbí gun alùpùpù, tó sì lọ. Òun ni ẹnikẹ́ni kì í dá dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìlà tí òfin fà ní Benin ni 0,5 giramu ọtí nínú lita ẹ̀jẹ̀ kan. Ìlà kan náà ni wọ́n fà ní Faransé. Iṣẹ́ ìlà yìí ni kí ọlọ́pàá àti adájọ́ lè mọ ẹni tí wọ́n máa fi ìyà jẹ. Kò sọ pé ẹni tó wà ní 0,4 ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Àwọn tó ń ṣòfin gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Faransé kan náà, 0,2 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀. Ní Sweden, 0,2 ni fún gbogbo èèyàn láti ọdún 1990. Tó bá jẹ́ pé 0,5 ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n ń wá lọ sí 0,2?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò fún ọkùnrin kan tó wọn kìlò 70, tó lọ síbi òkú ní Pọ́bẹ̀, tó sì fẹ́ padà sí Kétu lálẹ́. Ó mu bíà onígò ńlá, irú èyí tó gba 60 sẹ̀ntílítà, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Giramu ọtí 24 ló wà nínú ìgò kan bẹ́ẹ̀. Ó mu ìgò kan àbọ̀ láàárín wákàtí méjì, ìyẹn giramu 36. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á tó nǹkan bí 0,7. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà náà, ó sì máa ń mú nǹkan bí 0,15 kúrò ní wákàtí kan. Nígbà tí ọkùnrin wa fi dìde, ó wà ní nǹkan bí 0,4. Bí ọlọ́pàá bá ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọtí, wọ́n á ní kó máa lọ. Ó jàre lọ́dọ̀ òfin.

Ó jáde sí ojú ọ̀nà, ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, eré tí kò pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni nínú wa. Lórí eré yẹn, ọkọ̀ ń jẹ mítà 17 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ kan sáré gba ojú ọ̀nà kọjá níwájú. Awakọ̀ tí kò mu nǹkan kan yóò lo bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ojú tó rí i, kí ọkàn tó mọ ohun tó jẹ́, kí ẹsẹ̀ tó dé orí ìjánu. Lẹ́yìn náà, bí ilẹ̀ bá gbẹ tí ìjánu sì dára, ọkọ̀ yóò tún rìn bí mítà 20 kó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 37. Ká ní mítà 37 gan-an ni ọmọ náà wà. Ọkọ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó sá lọ, ìyá rẹ̀ nà án ní pàṣán, ọ̀rọ̀ parí.

Ọtí díẹ̀ máa ń fa ẹsẹ̀ yẹn sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin wa pẹ́ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré. Kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Láàárín ìgbà yẹn, ọkọ̀ ti jẹ mítà 5 sí i kí ìjánu tó mú un. Ọ̀pọ̀ á ní, "Mítà márùn-ún náà kọ́?" Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ nìyí: ọkọ̀ kì í rọra yí dé ibi tí ọmọ náà wà bí ìgbà tó fẹ́ dúró. Mítà tó kẹ́yìn ni eré ń já jù lọ lábẹ́ ìjánu. Nítorí náà, ní ibi tí ọkọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ti dúró pátápátá, nǹkan bí 30 kìlómítà ní wákàtí kan ni ọkọ̀ ọkùnrin wa ṣì ń sá. Eré tó fi máa gbá ọmọ náà nìyẹn. Ìgò kan àbọ̀ ni, kò sì tíì ju ti òfin lọ.

Ẹsẹ̀ tó pẹ́ ṣì kéré sí ohun kejì, ìyẹn ni làákàyè. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń wo dígí, ó ń fojú wọn bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe jìnnà tó, ó ń gbọ́ ohun tí ará ẹ̀yìn ń sọ. Àwọn olùwádìí rí i pé láti nǹkan bí 0,2 ni pípín ọkàn sí ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀ ti ń di ìṣòro. Ẹ̀yin tó ń gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou, ẹ mọ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ mọ ti pé kí ọ̀kan dákú sójú ọ̀nà lóru láìtan iná. Awakọ̀ tí ara rẹ̀ dá a máa rọra sá nítorí wọn. Ẹni tó mu díẹ̀ á rí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, á rí iná tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á sì sọ pé, "Mo máa yà á kọjá." Bóyá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò ní dán irú rẹ̀ wò. Ẹ̀rù tó yẹ kó bà á ni ọtí ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí "mo mọ ara mi" kò fi wúlò. Làákàyè tó yẹ kó sọ fún un pé ọtí ti wọ̀ ọ́ lára, òun gan-an ni ọtí kọ́kọ́ ń mú. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó mutí tó ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ló ń dá, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó pè sì ti mutí.

A mọ àwọn àwíjàre tó kù. Òmíràn á ní òun ti ń mu ún láti ogún ọdún, kì í mú òun. Òótọ́ ni pé ẹni tó ti mọ́ lára kì í tètè ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó lè wa ọkọ̀ gba ọ̀nà tó mọ̀ bí ẹni tí kò mu. Ṣùgbọ́n iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dín, ohun tí kò retí ló sì máa tú àṣírí rẹ̀: ewúrẹ́ tó fò jáde, kòtò tuntun, alùpùpù tí kò níná. Òmíràn á ní òun ti mu kọfí, òun ti fá ọsàn wẹ́wẹ́. Kọfí lè la ojú, kò lè bá ẹ̀dọ̀ ṣiṣẹ́. Oúnjẹ tí a jẹ ṣáájú lè jẹ́ kí ọtí rọra wọ ẹ̀jẹ̀, kò lè lé èyí tó ti wọlé jáde. Àkókò nìkan ló ń mú un kúrò.

Ẹni tó ń fi ojú wọn ọtí ńkọ́? Obìnrin tó wọn kìlò 55 tó mu ìgò ńlá kan ṣoṣo lè ti kọjá 0,5, nítorí omi ara rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin wa. Sódàbì kò ní ìwé lára; ilé tí wọ́n ti sè é ló mọ bó ṣe le tó, ife kékeré mẹ́ta rẹ̀ sì lè ju ìgò bíà ńlá kan lọ. Ẹmu ń kan sí i láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èwo ni ẹ máa fi ojú wọn nínú wọn?

Ẹ tún fi oorun kún un. Àìsùn òkú ni a ti ń bọ̀ nígbà púpọ̀. Ọtí tí kò tó nǹkan fún ẹni tó sùn dáadáa máa ń lágbára gan-an lára ẹni tí kò sùn mọ́jú.

Àwọn kan ti fi ìjàǹbá gidi wọn ọ̀rọ̀ yìí ní Long Beach àti Fort Lauderdale ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àwọn awakọ̀ tó ní ìjàǹbá wé àwọn tó kọjá níbẹ̀ láìní. Níbi tí ìjàǹbá mẹ́wàá ti máa dé bá àwọn tí kò mu, bíi mẹ́rìnlá ló máa dé bá àwọn tó wà ní 0,5. Ní 1,0, ó ń lọ sí bíi méjìdínláàádọ́ta. Mẹ́rin tó lé lórí mẹ́wàá yẹn, èèyàn ló wà nínú wọn.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Ẹ̀yin olóde, ẹ yé sọ fún awakọ̀ pé ife kan kì í pa ni, tó bá sì kọ̀, ẹ má ṣe kà á sí àrífín. Ẹ bu oúnjẹ fún un dáadáa, ẹ fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀yin tí ẹ jọ lọ sóde, ẹ ti ilé yan ẹni tí kò ní fẹnu kan án. Ẹ̀yin èrò, bí ẹ bá gbóòórùn ọtí lẹ́nu awakọ̀ tàbí oní-zẹ́mìjàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó ọkọ̀ kò tó orí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ gbé fún ọmọ ọlọ́mọ kó máa fi ṣiṣẹ́, ẹ fi òdo lélẹ̀ fún un, ẹ má dúró de 0,5.

Ẹni tó bá fẹ́ mu, kó mu, kó sì sùn síbẹ̀. Ilé olóòkú kì í kún kó má gba ẹni kan sí i lórí ẹní.

Ẹ pín in kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wakọ̀ lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí.