Oògùn kì í kó epo kúrò nínú omi

Ẹ̀yin ará wa, à ń ta edé àti ẹja òkun ní Ìpàta, torí náà ọ̀rọ̀ epo tó dà sókun kan àwa náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, epo rọ̀bì tó tó nǹkan bí àgbá 40,000 dà sókun ní Bonga, ibi tí Ṣẹ́ẹ̀lì ti ń wa epo, nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun. Wọ́n fọ́n oògùn sí i. Oògùn yẹn ò kó epo kúrò o! Iṣẹ́ ọṣẹ ló ń ṣe: bí ọṣẹ ṣe ń tú epo pupa lára ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni epo rọ̀bì á di wínníwínní, á wọnú omi lọ. Bó bá ṣiṣẹ́, omi á pọ́n bíi kọfí. Bó bá funfun bíi wàrà, oògùn ló ń ṣòfò.

Lójú agbami, a lè gbà á, torí omi tó máa là á pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi tí kò jìn, bíi ti etíkun Ìlàjẹ, àwa ò fara mọ́ ọn rárá, torí orí ẹja àti edé ló máa dà lé.

Níbẹ̀, búùmù ni ká nà, ìyẹn ọgbà tó léfòó, tó ní aṣọ lábẹ́, kí ẹ̀rọ sikímà wá fa epo tó bá kó jọ. Lóòótọ́ ó lọ́ra, ó sì ń fa omi mọ́ epo. Bí odò bá ń sáré, epo á gba abẹ́ búùmù kọjá, ẹ ó rí i tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n má nà án dábùú. Kí wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè darí epo lọ síbi tí omi ti rọ̀, kí sikímà wà níbẹ̀.

Kí NOSDRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó epo tó dà, tó fọwọ́ sí oògùn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn apẹja léèrè ibi tí ẹja ń yé sí.