Láti Sélísì Gẹ́ẹ̀lì sí Òǹtajà: Akọ àti Abo nínú Ìkéde Ìgbanisíṣẹ́

Ẹni tó bá ń rìn ní Wúsè tàbí Gárìkí ní Àbújá yóò rí ìkéde ìgbanisíṣẹ́ lára ògiri àti òpó iná. Sélísì gẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì bọ́ì àti géètìmáànù ni wọ́n sábà ń wá. Orúkọ iṣẹ́ ti ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin kí a tó gbọ́ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Bí a bá fẹ́ kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, èdè wa ti ní ọ̀nà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ orúkọ oníṣẹ́: ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni awakọ̀, ẹni tó ń kọ́ni ni olùkọ́, ẹni tó ń ta ọjà ni òǹtajà. Kò sí àfòmọ́ kankan nínú wọn tó tọ́ka sí akọ tàbí abo, arọ́pò-orúkọ "ó" náà kò sì tọ́ka sí i. Nítorí náà, òǹtajà, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì àti aṣọ́nà ti tó. Àṣìṣe ni kí a tún kọ "ọmọbìnrin òǹtajà". Bí a bá ń pe ènìyàn ní "ìyá alákàrà", ọ̀wọ̀ ni "ìyá" ibẹ̀ wà fún. Kì í ṣe ara orúkọ iṣẹ́.

Àmọ́ yíyí orúkọ padà nìkan kò tó. Ẹ wo ìkéde yìí: "A ń wá òǹtajà tó rẹwà, tí kò tíì lọ́kọ." Orúkọ iṣẹ́ kò sọ abo, ṣùgbọ́n "lọ́kọ" ti sọ ọ́, nítorí ọkùnrin a máa gbéyàwó ni. Bí a bá kọ ọ́ ní "A ń wá òǹtajà tó mọ ìṣirò owó, tó sì lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ dáadáa", iṣẹ́ gan-an ni a ń ṣàpèjúwe.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá fi ohun tó wà nídìí èyí hàn. "Ọlọ́pàá" kò ní akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n ìlànà 127 nínú Ìlànà Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ní kí a yọ ọlọ́pàábìnrin tí kò tíì lọ́kọ níṣẹ́ bó bá lóyún. Kò sí irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàákùnrin tó fún obìnrin lóyún láìgbéyàwó. Ní ọdún 2021, ìlànà yìí ni wọ́n fi yọ ọlọ́pàábìnrin kan níṣẹ́ ní Èkìtì. Ní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Ilé-iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ní Àkúrẹ́ dájọ́ pé ìlànà náà tako òfin orílẹ̀-èdè. Abala 42 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni ó kọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ti kọ ìkéde tán, ẹ fi "ọkùnrin" rọ́pò orúkọ iṣẹ́ náà kí ẹ kà á, lẹ́yìn náà kí ẹ fi "obìnrin" rọ́pò rẹ̀. Gbólóhùn tí kò bá bá ọ̀kan nínú wọn mu ni kí ẹ padà sí.